Ìdí Tí Ìtumọ̀ Àkànlò-Èdè àti Òwe Kò Fi Sí Nínú Ọ̀rọ̀ Ọ̀kọ̀ọ̀kan

Ìfáárà

Ẹ jẹ́ kí a gbà pé ayálégbé kan dúró níwájú adájọ́ ní kóòtù, ó sì sọ báyìí pé: 'Onílé mi gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù mi.' Ògbufọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ní láti yí ọ̀rọ̀ náà sí èdè Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n lè kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ó bá mú gbé, tí ó mú ẹsẹ̀, tí ó mú lé, tí ó sì to ìtumọ̀ wọn pọ̀, ohun tí yóò wọ inú ìwé kóòtù ni pé onílé fi ẹsẹ̀ tẹ ẹrù ayálégbé. Ẹjọ́ ọ̀tọ̀ gbáà nìyẹn. Ẹni tí wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ ẹrù rẹ̀ ṣì lè gbé ẹrù náà kí ó gbọn eruku rẹ̀ dànù. Ẹni tí wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù rẹ̀ kò lè fọwọ́ kàn án mọ́, àfi bí ó bá san ohun tí wọ́n ní ó jẹ, tàbí bí kóòtù bá dá a láre.

Ògbufọ̀ tí a ń sọ yìí lè gbọ́ gbé, kí ó gbọ́ ẹsẹ̀, kí ó sì gbọ́ lé dáadáa. Kò sí ọ̀kan tí ó ṣòro nínú wọn. Ohun tí kò gbọ́ ni gbẹ́sẹ̀ lé. Bákan náà ni ó ń rí fún ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa nínú ìdánwò: wọ́n mọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú àkànlò-èdè tí a bi wọ́n, síbẹ̀ wọn kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó yẹ gbẹ́sẹ̀ lé wò fínnífínní láti fi ìdí rẹ̀ hàn. Lẹ́yìn náà ni a ó mú òwe kan, kí a lè rí i pé ọ̀nà tí ìtumọ̀ òwe fi ń fara pamọ́ yàtọ̀ sí ti àkànlò-èdè.

Ìhun Kan Náà, Ìtumọ̀ Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Ẹ wo àwọn gbólóhùn wọ̀nyí:

1 (a) Ó gbójú lé mi.
(b) Ó gbọ́kàn lé mi.
(d) Ó gbára lé mi.
(e) Ó gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù mi.

Ìhun kan náà ni gbogbo wọn ní. Ọ̀rọ̀-ìṣe gbé ni ó ṣíwájú, orúkọ ẹ̀yà ara tẹ̀ lé e, lé sì tẹ̀ lé ìyẹn. Nínú mẹ́ta àkọ́kọ́, ìtumọ̀ wọn sún mọ́ ara wọn: ẹni tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ń retí ìrànlọ́wọ́ lọ́dọ̀ mi, tàbí pé èmi ni ó fi ṣe odi rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé láti ara ọ̀rọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan ni a ti ń ṣa ìtumọ̀ jọ ni, à bá retí pé kí 1(e) bá wọn lọ. Ó ṣe tán, ẹsẹ̀ ni ó ń gbé gbogbo ara dúró. Ṣùgbọ́n 1(e) kò bá wọn lọ rárá. Kò sí ìrètí níbẹ̀, kò sí ìgbẹ́kẹ̀lé. Gbígba nǹkan mọ́ olóhun lọ́wọ́ ni.

Ẹnìkan lè sọ pé: 'Ṣebí a lè rí ìdí rẹ̀? Ẹni tí ó bá gbé ẹsẹ̀ lé nǹkan kò ní jẹ́ kí ẹlòmíràn gbé e.' Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé lẹ́yìn tí a ti mọ ìtumọ̀ náà tán ni a tó lè ṣe irú àlàyé yìí. Bí a bá fún àjèjì tí ó ń kọ́ èdè wa ní àwòrán ẹsẹ̀ lórí ẹrù, ó lè sọ pé ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé onílé tàbùkù ẹrù náà, tàbí pé ó gun orí rẹ̀ mú nǹkan lókè, tàbí pé ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni àwòrán náà lè gbà. Àwọn tí ó ni èdè ti mú ẹyọ kan nínú wọn, wọ́n sì ti fi àwọn yòókù sílẹ̀. Àwòrán náà lè jẹ́ kí a rántí ìtumọ̀ tí a ti mọ̀. Kò lè sọ èyí tí a kò mọ̀ fún wa.

Bí A Ṣe Lè Dá A Mọ̀

Báwo ni olùkọ́ ṣe lè fi han akẹ́kọ̀ọ́ pé gbẹ́sẹ̀ lé ti di odidi kan, pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ mẹ́ta mọ́ ní ti ìtumọ̀? Ọ̀nà tí ó dájú jù ni kí a máa fọwọ́ kan inú rẹ̀, kí a sì wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀.

2 (a) Onílé gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù mi.
(b) Onílé gbé bàtà lé ẹrù mi.
(d) Onílé gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì lé ẹrù mi.
(e) Ẹsẹ̀ ni onílé gbé lé ẹrù mi.

Nínú 2(b), a fi bàtà rọ́pò ẹsẹ̀. Nínú 2(d), a fi ẹ̀yán yán ẹsẹ̀. Nínú 2(e), a gbé ẹsẹ̀ síwájú láti pe àkíyèsí sí i. Kò sí èyí tí ó lòdì sí òfin girama nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ 'gba nǹkan mọ́ olóhun lọ́wọ́' ti fò lọ. Ìtumọ̀ tààrà nìkan ni ó kù. Bẹ́ẹ̀ ni bí a bá béèrè pé 'Kí ni onílé gbé lé ẹrù rẹ?' tí ayálégbé sì dáhùn pé 'Ẹsẹ̀ ni,' ẹsẹ̀ ẹlẹ́ran-ara ni yóò máa sọ. Ìbéèrè tí ó tọ́ ni 'Kí ni onílé ṣe sí ẹrù rẹ?', nítorí pé gbẹ́sẹ̀ lé lódindi ni orúkọ ohun tí ó ṣe.

Ẹ wá jẹ́ kí a fi inú rẹ̀ sílẹ̀, kí a fọwọ́ kan ìta rẹ̀:

3 (a) Onílé kò tíì gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù mi.
(b) Onílé yóò gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù mi.
(d) Ẹrù mi ni onílé gbẹ́sẹ̀ lé.
(e) Gbígbẹ́sẹ̀ tí onílé gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù mi kò bófin mu.

A yí i sí òdì, a fi ti ọjọ́ iwájú kún un, a gbé àbọ̀ rẹ̀ síwájú, a tún sọ ọ́ di ọ̀rọ̀-orúkọ. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò yẹ̀ nínú ọ̀kankan. Èyí ni ẹ̀rí tí ó lágbára jù. Àkànlò-èdè dà bí ẹ̀kọ tí a fi ewé dì: a lè gbé e sókè, a lè gbé e sílẹ̀, a lè gbé e láti orí igbá kan sí òmíràn, ṣùgbọ́n bí a bá ki ìka bọ inú rẹ̀, kì í ṣe odidi mọ́.

Olùwà náà tún máa ń tú àṣírí rẹ̀. A ń gbọ́ ọ pé 'Ìjọba gbẹ́sẹ̀ lé ilẹ̀ náà,' tàbí 'Báńkì gbẹ́sẹ̀ lé owó rẹ̀.' Ìjọba kò ní ẹsẹ̀, báńkì kò ní ẹsẹ̀, owó tí ó wà nínú ìwé báńkì kò sì ṣe é tẹ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà tí ìtumọ̀ tààrà kò bá lè dúró, àkànlò-èdè nìkan ni ó kù. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni ibi tí méjèèjì bá ti lè dúró, bí ó ti rí nínú ọ̀rọ̀ ayálégbé wa: onílé ní ẹsẹ̀, ẹrù sì wà nílẹ̀. Níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ó yí gbólóhùn ká ni yóò là á. Bí a bá gbọ́ pé 'nítorí owó ilé oṣù mẹ́ta,' a mọ ibi tí ó ń lọ. Bí a bá sì gbọ́ pé 'Ọmọ náà gbẹ́sẹ̀ lé àpótí, ó ń so okùn bàtà rẹ̀,' a mọ̀ pé kò sí ẹni tí ó gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnìkan.

Kì í Ṣe Ọgbọọgba Ni Gbogbo Wọn

Ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń rò pé àkànlò-èdè tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣàjèjì ni ó ń da akẹ́kọ̀ọ́ láàmú jù. Ẹ wo kan ojú abẹ níkòó, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ 'sọ òkodoro ọ̀rọ̀ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú.' A kì í sábà gbọ́ níkòó níbòmíràn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá pàdé rẹ̀ yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé òun kò mọ̀ ọ́n, yóò sì béèrè. Fi àáké kọ́rí náà ń kìlọ̀ fúnra rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ń fi àáké kọ́ orí. Èjìká ni àgbẹ̀ ń fi tirẹ̀ kọ́ bí ó bá ń lọ sí oko. Bí a bá sì sọ pé 'Ó fi àáké kọ́ èjìká,' a ti kúrò lórí 'ó kọ̀ jálẹ̀,' a ti dé orí àgbẹ̀ gan-an.

Gbẹ́sẹ̀ lé kò kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jẹ́ ti ojoojúmọ́, ìtumọ̀ tààrà rẹ̀ sì bọ́gbọ́n mu. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò rò pé ó ti yé òun. Nítorí náà, irú èyí ni ó yẹ kí olùkọ́ fi àkókò tí ó pọ̀ sí, kì í ṣe èyí tí ó ní ọ̀rọ̀ àjèjì nínú.

Ó yẹ kí a sọ pẹ̀lú pé ìdè wọn kò le bákan náà. Àwọn kan ń sọ pé 'kan ojú abẹ níkòó,' àwọn mìíràn ń sọ pé 'sọ ojú abẹ níkòó,' ìtumọ̀ wọn sì jẹ́ ọ̀kan náà. Nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ kan bá gba ìrọ́pò, kò túmọ̀ sí pé kì í ṣe àkànlò-èdè. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ń sọ èdè ni ó fún wa láyè láti fi sọ rọ́pò kan; a kò lè tìtorí rẹ̀ fi wí rọ́pò sọ lórí pé ìtumọ̀ wọn jọra.

Ẹni Tí A Ń Sọ Ọ́ Fún Wà Nínú Ìtumọ̀

Ohun mìíràn wà tí ọ̀rọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan kò lè sọ fún wa. Bí a bá béèrè ìtumọ̀ wàjà, papò dà àti ta téru nípàá lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, yóò dáhùn pé 'kú' ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. A ó sì fún un ní máàkì. Bí a bá wá ní kí ó lò wọ́n nínú gbólóhùn, ó lè kọ ọ́ pé 'Ọmọ oṣù mẹ́ta náà wàjà,' tàbí kí ó kọ ọ́ pé 'Kábíyèsí ta téru nípàá.' Kò sí àgbà tí yóò gbọ́ èkejì yìí tí kò ní dijú. Ọba ni ó ń wọ àjà. Ẹni tí a bọ̀wọ̀ fún ni ó ń pa ipò dà. Ẹni tí a kò kà sí, tàbí tí a ń bínú sí, ni a ń sọ pé ó ta téru nípàá. A kò lè wo wọ̀ àti àjà títí kí a rí 'ọba nìkan' níbẹ̀. Ìlò ni ó fi í síbẹ̀.

Papò dà tún kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ kan. Pa…dà àti yí…padà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà ní ìtumọ̀. Síbẹ̀, 'Bàbá papò dà' túmọ̀ sí pé bàbá kò sí mọ́, nígbà tí 'Bàbá yí ipò rẹ̀ padà' túmọ̀ sí pé bàbá wà láàyè, pé ó kàn kúrò níbi tí ó wà ni. Ẹni tí ó bá fi èkejì ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí ní ìlú mìíràn kò ní rí ẹni tí yóò wá sí ìsìnkú.

Òwe: Ọ̀rọ̀ Hàn, Ìtumọ̀ Kò Hàn

Ẹ jẹ́ kí a wá wo òwe. Òwe tí a ó lò ni: 'Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.' Bí a bá fi ohun tí a ṣe sí gbẹ́sẹ̀ lé ṣe sí òwe yìí, èsì rẹ̀ yàtọ̀. Ká ní a sọ pé, 'Ọwọ́ ọmọdé kò tó àjà, ti àgbàlagbà kò wọ ìgò.' Ẹni tí ó gbọ́ ọ yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní a ti ba òwe jẹ́, ṣùgbọ́n ohun tí a ń wí yóò yé e. Bẹ́ẹ̀ ni a lè dá òwe náà dúró ní ìdajì, kí a sọ pé 'Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ o,' olùgbọ́ yóò sì fi ìyókù kún un nínú ara rẹ̀. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò pẹ̀lú àkànlò-èdè: 'Ó fi àáké.' Kò sí ohun tí a sọ.

Ìdí rẹ̀ ni pé nínú òwe, ìtumọ̀ tààrà kì í kú. Òun ni a ń tẹ̀ gùn. Olùgbọ́ ní láti mọ̀ pé pẹpẹ jẹ́ ibi gíga nínú ilé tí a ń to nǹkan sí, àti pé kèrègbè ní ọrùn tóóró tí ọwọ́ ńlá kò lè gbà kọjá. Ọmọ tí kò rí kèrègbè rí kò ní mọ ìdí tí ọwọ́ àgbà kò fi lè wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá mọ gbogbo èyí tán, kò tíì mọ ohun tí òwe náà wí, nítorí pé ẹni tí ó pa á, ẹni tí a pa á fún, àti ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ ni yóò parí rẹ̀. Ẹ wo ìlò mẹ́ta.

Àkọ́kọ́, ìyá àgbà kan fẹ́ fi òwú sí abẹ́rẹ́, ojú rẹ̀ kò sì ríran dáadáa mọ́. Ó pe ọmọ-ọmọ rẹ̀, ọmọ náà ń lọ́ra. Ìyá àgbà ní, 'Wá bá mi kì í bọ̀ ọ́, ọkọ mi. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.' Ohun tí ó ń sọ ni pé: ràn mí lọ́wọ́ lónìí, nítorí ìwọ náà yóò nílò mi lọ́la.

Èkejì, ọmọ-iṣẹ́ kan fẹ́ kí àgbà àdúgbò bá òun bẹ ọ̀gá òun. Ó kúnlẹ̀, ó ní, 'Tótó, ó ṣe bí òwe o, bàbá. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ.' Àgbà náà ní, 'Wà á rí òmíràn pa.' Níhìn-ín, ìdajì àkọ́kọ́ ni ó ń ṣiṣẹ́: ọ̀rọ̀ náà ga ju agbára mi lọ, ẹ bá mi nà án. Ọmọdé ni ó pa á, nítorí náà ó kọ́kọ́ tọrọ ààyè.

Ẹ̀kẹta, àwọn ọ̀dọ́ àti àwọn àgbà ń bá ara wọn fa ọ̀rọ̀ nínú ìpàdé ìlú. Onílàjà kan dìde, ó sì pa òwe náà fún tọ̀tún-tòsì. Kò bẹ ẹnikẹ́ni fún ìrànlọ́wọ́. Ohun tí ó ń sọ ni pé kí ẹ̀yin méjèèjì dákẹ́ ìyàn, kò sí èyí tí ó lè dá iṣẹ́ ìlú ṣe nínú yín.

Ọ̀rọ̀ kan kò yí padà nínú òwe náà. Síbẹ̀, ó jẹ́ ìpè fún ọmọdé, ó jẹ́ ẹ̀bẹ̀ sí àgbà, ó sì jẹ́ ìbáwí fún àwọn méjèèjì. Kò sì sí ìgbà kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí pẹpẹ tàbí kèrègbè wà nítòsí. Ìdí nìyí tí ìwé olówe tí ó bá kọ 'ìtumọ̀' kan ṣoṣo sí abẹ́ òwe kọ̀ọ̀kan fi ń ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà. Nígbà tí Olóyè I. O. Délànọ̀ gbé ìwé rẹ̀, Òwe L'Ẹṣin Ọ̀rọ̀, jáde ní ọdún 1966, ó fi hàn láti orí àkọlé rẹ̀ pé ìtumọ̀ òwe àti ìlò rẹ̀ ni òun ń kọ. Ọ̀nà tí ó yẹ kí a tọ̀ nìyẹn.

Nínú Kíláàsì

Ohun tí a ti sọ yìí fi hàn pé kò yẹ kí a fi ọ̀nà kan náà kọ́ àkànlò-èdè àti òwe. Bí ó bá jẹ́ àkànlò-èdè, kí olùkọ́ kọ gbólóhùn méjì sójú pátákó, ọ̀kan tí ìtumọ̀ tààrà bá mu, ọ̀kan tí kò bá a mu, irú bí 'Ọmọ náà gbẹ́sẹ̀ lé àpótí' àti 'Báńkì gbẹ́sẹ̀ lé owó rẹ̀.' Kí ó jẹ́ kí àwọn ọmọ sọ ìyàtọ̀ tí wọ́n rí. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fi ẹ̀yán kún ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, kí wọ́n gbé e síwájú, kí wọ́n sì yí odidi rẹ̀ sí òdì, kí wọ́n lè fi ẹnu ara wọn sọ ibi tí ìtumọ̀ ti já. Kí ó wá béèrè ẹni tí a lè sọ ọ́ fún àti ẹni tí a kò lè sọ ọ́ fún.

Bí ó bá sì jẹ́ òwe, kí ó má bẹ̀rẹ̀ láti orí ìtumọ̀. Kí ó kọ́kọ́ fi nǹkan inú òwe hàn wọ́n. Bí kèrègbè bá wà nítòsí, kí ó gbé e wá sí kíláàsì, kí ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ kéré àti èyí tí ọwọ́ rẹ̀ tóbi gbìyànjú láti ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà, kí ó ní kí wọ́n ronú ọ̀ràn méjì tí wọ́n lè fi òwe náà yanjú, kí ẹni tí ó ń pa á nínú ọ̀ràn kìíní má jẹ́ irú ẹni tí ó ń pa á nínú èkejì.

Ní ti ìdánwò, ìbéèrè tí ó ní 'Kí ni ìtumọ̀…' nìkan kò tó láti mọ ẹni tí ó gbọ́ èdè. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá há a sórí pé wàjà ni 'kú' yóò gba máàkì níbẹ̀. Ibi tí a bá ti ní kí ó fi í sínú gbólóhùn ni a ó ti mọ̀ bóyá ó mọ̀ pé ọba nìkan ni ó ń wọ àjà.